Ìlà Tó Dúró sí 53: Kí Ni Jẹ́ẹ̀lì SDS Ń Wọ̀n Gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Purotéènì kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ mọ̀ dáadáa, p53 ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú orúkọ yẹn kò ṣàdédé débẹ̀. Ní ọdún 1979, tí àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi láàbù ṣàwárí rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀, ibi tó dúró sí lórí jẹ́ẹ̀lì, ohun rírọ̀ tí a ń fi iná mànàmáná fa purotéènì gba inú rẹ̀ kọjá, ni wọ́n wò, ibẹ̀ sì tó nǹkan bíi kilodáltìn 53, ẹyọ tí a fi ń sọ bí purotéènì ṣe wúwo tó. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, jẹ́ẹ̀lì sì ni ilé tí wọ́n wò. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá ka jíìnì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ásíìdì amínò 393 ni wọ́n bá nínú p53 ti ènìyàn. Tí a bá ro ìwọ̀n gbogbo wọn pọ̀, kilodáltìn 43.7 péré ni.

Kilodáltìn mẹ́sàn-án lé díẹ̀ kì í ṣe ìyàtọ̀ tí èèyàn lè gbójú fò. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ni pé jẹ́ẹ̀lì SDS, tí a fi èròjà bí ọṣẹ kan tó ń jẹ́ SDS ṣe, máa ń to purotéènì ní títẹ̀lé bí wọ́n ṣe tóbi tó. Bọ́rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló ń purọ́ nínú jíìnì àti jẹ́ẹ̀lì?

Mo lè máa bá ìbéèrè yìí gbé nínú orí mi lásán bí kì í bá ṣe pé àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù gbé àwòrán kan wá bá mi. Ó ti fi áńtíbọ́dì, purotéènì tó ń dì mọ́ ohun tí a ń wá, tí wọ́n fa jáde lára ehoro wá p53 nínú MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, ìlà méjì ló sì yọ. Ọ̀kan wà lókè, ní nǹkan bíi 53, ó ṣú díẹ̀, kò sì hàn ketekete. Èkejì wà nísàlẹ̀, ní 44, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́, ó sì dúdú dáadáa.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ti 44 yìí ni p53 wa. Ó bá ohun tí jíìnì sọ mu rẹ́gí. Ìdọ̀tí ni ti òkè yẹn."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ó ti ṣe ìṣirò, ìṣirò náà sì gbè é. Èmi fúnra mi mọ̀ pé inú ìwé, 53 ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é" kì í ṣe ìdáhùn fún ẹni tó ti fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí a lè fi hàn án.

## Àdéhùn tí SDS bá wa ṣe

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí a ń ṣe sí purotéènì kó tó wọ inú jẹ́ẹ̀lì. A ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, a ti mú omi inú rẹ̀. A wá da bọ́fà kan pọ̀ mọ́ ọn tí SDS wà nínú rẹ̀ ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú gilisẹ́róòlù tí yóò mú kó wúwo kó lè rì sínú kòtò, aró búlúù tí a ó fi máa ṣọ́ ìrìn rẹ̀, àti DTT tí ń já àwọn afárá sọ́fọ̀ tó so apá kan purotéènì mọ́ apá kejì. Lẹ́yìn náà, a ó gbé e sórí ooru ìwọ̀n 95 fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ooru àti SDS yóò tú ìká tó wà lára purotéènì náà. SDS ní ìrù gígùn tí kò fẹ́ràn omi àti orí tó ru iná òdì. Ìrù yẹn ni yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn purotéènì, tí àwọn orí oníná òdì yóò wá bò ó látòkè délẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, gíráàmù 1.4 SDS ló máa ń lẹ̀ mọ́ gíráàmù kan purotéènì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mólékù SDS kan fún ásíìdì amínò méjì-méjì. Iná tí purotéènì gbé wá láti ilé, ì báà jẹ́ rere tàbí òdì, yóò ti rì sábẹ́ èyí tí SDS gbé wá.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà gan-an nìyí. Bí iná tó wà lórí ìwọ̀n gígùn kan bá dọ́gba lára gbogbo purotéènì, nígbà náà, agbára tí iná mànàmáná fi ń fà wọ́n yóò máa dọ́gba pẹ̀lú bí wọ́n ṣe gùn tó. Tí wọ́n bá wà nínú omi lásán, gbogbo wọn ni yóò máa sáré bákan náà. Jẹ́ẹ̀lì pọliákírílámáìdì ló ń ya wọ́n. Ó dà bí igbó tó há: ẹni kúkúrú á yọ́ láàárín igi kọjá, ẹni gígùn á máa kọ́ ẹ̀ka. Gbogbo wọn ló ń lọ síbi kan náà, àmọ́ wọn kò lè débẹ̀ pọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé àdéhùn wà nínú rẹ̀. A gbà pé gbogbo purotéènì ni yóò gba SDS ní ìwọ̀n kan náà, a sì gbà pé gbogbo wọn ni yóò tú, tí wọn yóò rọ̀ bákan náà. Purotéènì tó bá mú àdéhùn yìí ṣẹ, ibi tó bá dúró sí yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wa. Èyí tó bá yẹ àdéhùn kò ní ké pe ẹnikẹ́ni láti sọ bẹ́ẹ̀. Yóò kàn dúró síbòmíràn, ìlà rẹ̀ yóò sì mọ́ kedere bíi ti àwọn yòókù.

Jẹ́ẹ̀lì tí a lò jẹ́ irú èyí tí Laemmli gbé jáde lọ́dún 1970, tí ó ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Apá òkè fúyẹ́, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ákírílámáìdì inú rẹ̀, pH rẹ̀ jẹ́ 6.8. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá, pH rẹ̀ sì jẹ́ 8.8. Bọ́fà tó ń gbé iná lọ ní gíláísìnì nínú. Tí gíláísìnì bá dé apá òkè, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ru iná, nítorí náà ó ń fà sẹ́yìn, kilóráìdì sì ń sáré níwájú. Àárín àwọn méjèèjì ni purotéènì há sí, tí wọ́n fi fún un pọ̀ di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ìgbà tí wọ́n bá wọ apá ìsàlẹ̀ ni gíláísìnì yóò ru iná púpọ̀ sí i, tí yóò sáré kọjá wọn, tí ìyàsọ́tọ̀ gan-an yóò wá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ìlà tó nípọn bí ìka, tó sì fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kó kọ́kọ́ lọ wo pH apá òkè yìí àti bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú ohun tó dà sínú kòtò, kó tó máa bá áńtíbọ́dì jà.

## Rúlà lórí jẹ́ẹ̀lì

Mo bẹ àbúrò yẹn pé ká jọ wọn ìlà méjèèjì, ká má fi ojú lásán wò wọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ purotéènì wa, máàkà wà ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ìyẹn àpapọ̀ àwọn purotéènì tí a ti mọ ìwọ̀n wọn tẹ́lẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ apá ìsàlẹ̀, máàkà 70 ti rìn mìlímítà 24, ti 50 sì ti rìn mìlímítà 34. Ìlà òkè tiwa wà ní mìlímítà 32. Ibi tí purotéènì rìn dé kì í bá ìwọ̀n rẹ̀ lọ tààrà, lọ́gárídímù ìwọ̀n náà ló ń bá lọ, nítorí náà báyìí la ṣe rò ó:

```
log10(70) = 1.845
log10(50) = 1.699
(1.845 - 1.699) / (34 - 24) = 0.0146
1.845 - 0.0146 × (32 - 24) = 1.728
10^1.728 = 53.5
```

Ìlà òkè jẹ́ 53.5. Tí a bá yí i padà, tí a béèrè ibi tó yẹ kí purotéènì oníkilodáltìn 43.7 dúró sí, ìdáhùn yóò jẹ́ mìlímítà 38, ibẹ̀ gan-an sì ni ìlà ìsàlẹ̀ wà. Máàkà 40 tún wà ní 40.5, tó fi hàn pé òdiwọ̀n yìí kò tíì yẹ̀ títí débẹ̀. Mìlímítà mẹ́fà ló wà láàárín ìlà méjèèjì. Kò sí bí ọwọ́ tó gbọ̀n díẹ̀ níbi ìwọ̀n ṣe lè fa mìlímítà mẹ́fà lórí irú jẹ́ẹ̀lì yìí. Lóòótọ́, máàkà tí wọ́n ti kùn láti ilé iṣẹ́ máa ń yẹ̀ díẹ̀, nítorí pé aró tí wọ́n so mọ́ ọn ń yí ìrìn rẹ̀ padà, àmọ́ ìyẹn náà kò tó láti sọ 44 di 53.

Inú àbúrò mi dùn sí ìṣirò yìí ju tèmi lọ. Gbogbo nọ́ńbà ló gbè é. Bó bá jẹ́ pé rúlà nìkan ni adájọ́, ẹjọ́ ti parí, ìlà ìsàlẹ̀ ló sì jàre.

## Ohun tí áńtíbọ́dì mọ̀

Kí a tó rí ìlà kankan rárá, purotéènì ti kúrò nínú jẹ́ẹ̀lì bọ́ sórí membíréènì, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bébà tó ń gba purotéènì dúró. Towbin àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló kọ nípa bí a ṣe ń fi iná gbé wọn jáde báyìí lọ́dún 1979. A máa ń to jẹ́ẹ̀lì àti membíréènì lé ara wọn láàárín bébà tó rin gbingbin, jẹ́ẹ̀lì lápá iná òdì, membíréènì lápá iná rere, nítorí SDS ṣì wà lára purotéènì, ó sì ń fà á lọ sápá rere. Ẹni tó bá dojú wọn kọ òdìkejì yóò rí membíréènì rẹ̀ ní òfìfo, torí inú bọ́fà ni gbogbo purotéènì rẹ̀ yóò dà sí. A lo fóòtì 100 fún wákàtí kan nínú òtútù. Membíréènì PVDF ni tiwa, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu mẹ́tánóòlù kó tó lè gba omi.

Lẹ́yìn ìyẹn, a da aró pupa Pọ́ńsò sí i. Iṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, omi sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Mi ò mọ ìdí tí àwọn kan fi ń fo ìgbésẹ̀ yìí, nítorí òun ló ń jẹ́ ká rí i pé purotéènì dé orí membíréènì, pé kò sí ibi tí atẹ́gùn ti dí i, àti pé gbogbo ọ̀nà ló gba iye tó dọ́gba. Tí a bá ti rí ìyẹn, a ó fi mílíìkì oníyẹ̀fun bo gbogbo ibi tó ṣófo lórí membíréènì náà, kí áńtíbọ́dì má baà lẹ̀ mọ́ ibi tí kò ní iṣẹ́ sí. Áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ yóò sùn sórí rẹ̀ nínú òtútù ìwọ̀n mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, a ó fọ̀ ọ́ dáadáa, a ó fi áńtíbọ́dì kejì tó gbé ẹ́ńsáìmù dání sí i, a ó sì wọ́n lùmínọ́ọ̀lù lé e lórí. Ibi tí ẹ́ńsáìmù bá wà ni yóò tan ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà yóò rí.

Ìbéèrè tó wá ṣe pàtàkì ni èyí: kí ni áńtíbọ́dì mọ̀? Kò mọ orúkọ purotéènì. Apá kékeré kan péré, bí ásíìdì amínò márùn-ún sí mẹ́wàá, ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dì mú. Èyí tí a fa jáde lára ehoro kì í sì í ṣe ẹyọ kan, àdàlù ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì ni, tí kálukú wọn ń dì mọ́ ibi tó wù ú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rí purotéènì mìíràn tí apá kan rẹ̀ jọ èyí tó mọ̀, tàbí tí purotéènì yẹn pọ̀ gan-an nínú sẹ́ẹ̀lì, yóò dì í mú, ìlà yóò sì yọ.

Nítorí náà, nǹkan méjì péré ni ìlà kan lórí membíréènì ń sọ fún wa. Ó ń sọ ibi tí purotéènì kan rìn dé, ó sì ń sọ pé áńtíbọ́dì dì mọ́ ọn. Kò tíì sọ ẹni tó jẹ́. A ti gbọ́ tẹnu rúlà, a ti gbọ́ tẹnu áńtíbọ́dì, síbẹ̀ a kò tíì gbọ́ tẹnu sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

## Ọ̀nà kẹta

Ohun tí a ṣe kò le rárá. A to ọ̀nà mẹ́ta sórí jẹ́ẹ̀lì tuntun, maikirogíráàmù 20 purotéènì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kìíní ni MCF-7 lásán. Ọ̀nà kejì ni MCF-7 tí a fún ní dọkisorúbísìnì, oògùn tó ń ba DNA jẹ́. Ọ̀nà kẹta ni H1299, tí òun náà mu oògùn kan náà. Sẹ́ẹ̀lì H1299 wá láti inú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, apá kan jíìnì p53 rẹ̀ sì ti gé dànù pátápátá, tí kò fi lè ṣe purotéènì náà rárá.

Kí a tó tan kámẹ́rà, mo ní kí àbúrò mi kọ ohun tí a ń retí sílẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, purotéènì kan tó ń jẹ́ MDM2 kì í jẹ́ kí p53 pọ̀. Bó ṣe ń jáde ni wọ́n ń sàmì sí i lára fún pípa. Tí DNA bá bàjẹ́, MDM2 kò ní lè dì í mú mọ́, p53 yóò sì máa kó jọ. Èyí túmọ̀ sí pé ìlà p53 tòótọ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọ̀nà kìíní, kó ṣú ní ọ̀nà kejì, kó má sì sí ní ọ̀nà kẹta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: díẹ̀, púpọ̀, òfo. Kò kọ nọ́ńbà kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò kọ 44, kò kọ 53. Ibẹ̀ gan-an ni èrò mi ti yí padà, kódà kí àwòrán tó jáde. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ronú, ibi tí ìlà wà ni mo ń bá jà. Mi ò tíì bi ara mi pé kí ló yẹ kí ìlà náà máa *ṣe*.

Àwòrán jáde. Ní 53, ọ̀nà kìíní ní òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀nà kejì ṣú dùdù, ọ̀nà kẹta kò ní nǹkan kan. Ní 44, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ yẹn wà ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ló sì dúdú tó nínú wọn.

Àbúrò mi wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti ìsàlẹ̀ yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé a fún wọn ní oògùn."

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò mọ̀, kò sì mọ̀ pé jíìnì p53 ti kúrò nínú H1299. Ohun tó ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní p53 kò lè jẹ́ p53, bó ti wù kí ìwọ̀n rẹ̀ bá ìṣirò mu tó. Ìlà tí rúlà gbè lẹ́yìn ni àlejò, èyí tí rúlà dá lẹ́bi ni onílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

A kò jẹ́ kó tán síbẹ̀, nítorí ọ̀nà tó ṣófo lè ṣófo fún ìdí tí kò kan p53. Ó lè jẹ́ pé purotéènì kò wọ ọ̀nà yẹn dáadáa, tàbí pé kò kúrò nínú jẹ́ẹ̀lì. Pọ́ńsò ti fi hàn pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pupa bákan náà. A tún fi áńtíbọ́dì wá GAPDH, purotéènì kan tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ní, tó máa ń dúró sí nǹkan bíi 36, ó sì dọ́gba ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ákítìn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń lò, nítorí 42 ni òun, ó sún mọ́ ìlà tí à ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, a pa áńtíbọ́dì ehoro tì, a sì lo méjì tí ibi tí wọ́n ń dì mú yé gbogbo èèyàn. DO-1 ń dì mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ p53, ní àgbègbè ásíìdì amínò 20 sí 25. PAb421 ń dì mọ́ ìparí rẹ̀, ní àgbègbè 372 sí 382. Àwọn méjèèjì tan ìmọ́lẹ̀ sí 53, kò sí èyí tó fọwọ́ kan 44 nínú wọn. Purotéènì tó wà ní 53 ní orí, ó sì ní ẹsẹ̀. Kì í ṣe èérún nǹkan mìíràn.

## Kí ló ń fà á sẹ́yìn?

Bó bá jẹ́ pé p53 ni ti 53 lóòótọ́, níbo ni kilodáltìn mẹ́sàn-án tó lé ti wá? Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé sẹ́ẹ̀lì ti so nǹkan mọ́ ọn lára, bíi fọ́síféètì. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń so fọ́síféètì mọ́ p53, ṣùgbọ́n ìwọ̀n fọ́síféètì kan kò ju dáltìn 80 lọ. Yóò gbà ju ọgọ́rùn-ún lọ kó tó di kilodáltìn mẹ́sàn-án. Yàtọ̀ sí ìyẹn, p53 tí wọ́n mú kí kòkòrò àìfojúrí E. coli ṣe, tí kò sí ẹ̀rọ ìsofọ́síféètì ti ènìyàn nínú rẹ̀, ń dúró sí àgbègbè 53 kan náà. Ohun tó ń fà á sẹ́yìn wà nínú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ purotéènì náà. Apá àkọ́kọ́ kún fún ásíìdì amínò tó ru iná òdì, SDS tí òun náà jẹ́ oníná òdì kò sì ní rí ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, láti nǹkan bíi 64 sí 92, porolíìnì ló pọ̀ níbẹ̀. Porolíìnì yàtọ̀ sí gbogbo ásíìdì amínò yòókù nítorí ìrù rẹ̀ ti tẹ̀ padà, ó sì so mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, tí kò fi jẹ́ kí okùn purotéènì rọ̀ níbẹ̀. Apá tó gan kì í gba SDS bó ṣe yẹ, kì í sì í yọ́ nínú jẹ́ẹ̀lì bí èyí tó rọ̀. Àdéhùn ti yẹ̀ ní ibi méjèèjì, ìlà náà sì dúró sókè.

Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà ní ipò 72 nínú p53. Àwọn ènìyàn kan ní porolíìnì níbẹ̀, àwọn mìíràn ní ajiníìnì. Nínú gbogbo 393, ẹyọ kan péré ló yàtọ̀. Ajiníìnì fi nǹkan bíi dáltìn 59 wúwo ju porolíìnì lọ, torí náà bó bá jẹ́ ìwọ̀n ni jẹ́ẹ̀lì ń wò, èyí tó ní ajiníìnì ló yẹ kó gbé ẹ̀yìn díẹ̀, tàbí kí ojú má tilẹ̀ rí ìyàtọ̀ kankan. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Èyí tó ní ajiníìnì, tó wúwo jù, ló ń sáré jù, èyí tó ní porolíìnì ló ń gbé ẹ̀yìn, ojú lásán sì lè rí i lórí jẹ́ẹ̀lì tó bá dára. Látìgbà tí mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí débẹ̀, mi ò tún sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé jẹ́ẹ̀lì SDS ń wọn purotéènì. Ìrìn rẹ̀ ló ń wọ̀n, àwa la ń ti inú ìrìn náà ro ìwọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ purotéènì, ìṣirò náà kì í jìnnà sí òótọ́. Fún p53, ó jìnnà. Fún ọ̀pọ̀ purotéènì inú awọ sẹ́ẹ̀lì, ó tún yẹ̀ sí apá kejì, tí wọ́n á sáré kọjá ibi tí ìwọ̀n wọn wí.

## Ohun tí ọ̀nà òfìfo kò lè sọ

H1299 ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, àmọ́ ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ mọ. H1299 kì í ṣe MCF-7 tí a yọ p53 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀kan ti wá, ọmú ni èkejì ti wá, purotéènì tí wọ́n fi yàtọ̀ síra kò sì mọ ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè sọ pé ìlà 53 jẹ́ ti purotéènì mìíràn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọmú tí kò sí nínú ti ẹ̀dọ̀fóró. Pé ó pọ̀ sí i lẹ́yìn oògùn àti pé áńtíbọ́dì méjì láti ìpẹ̀kun méjì dì í mú kò jẹ́ kí iyàn yẹn lágbára, síbẹ̀ a lè dí i pa pátápátá.

Ọ̀nà méjì la fi dí i. A fi siRNA, okùn RNA kékeré tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́, tó dojú kọ p53 sínú MCF-7, a sì fi siRNA tí kò dojú kọ nǹkan kan sínú òmíràn kí a lè fi wéra. Lẹ́yìn wákàtí 48, ìlà 53 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú èyí àkọ́kọ́, ti 44 kò yẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan náà ni, jíìnì kan péré la pa lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ṣe òdìkejì rẹ̀, a fi pílásímíìdì, òrùka DNA kékeré, tó gbé jíìnì p53 dání sínú H1299. Okùn tó ń ṣe ásíìdì amínò 393 ni a fi síbẹ̀, kò lé, kò dín. Ìlà tó yọ níbi tó ti ṣófo tẹ́lẹ̀ dúró sí 53.

Àbúrò mi ti ní ìlà tuntun tó ń wádìí báyìí. Nínú irú sẹ́ẹ̀lì mìíràn kan, DO-1 fi ìlà méjì hàn án tí wọ́n sún mọ́ra gan-an ní àgbègbè 53, ọ̀kan lókè èkejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìdọ̀tí. Ó lè jẹ́ pé enzáìmù kan ti ń jẹ p53 létí, ó lè jẹ́ fọ́síféètì, ó sì lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì náà jogún porolíìnì lápá kan, ó jogún ajiníìnì lápá kejì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló rọrùn jù láti kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ti fi DNA sẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ kí wọ́n ka ipò 72 fún un, ó sì ń tọ́jú H1299 méjì tó fẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú pílásímíìdì oníporolíìnì, èkejì pẹ̀lú ti oníajiníìnì.